Ìgbésẹ̀ Kìíní: Gbàdúrà

Èmi ni mo to ìwé oúnjẹ àwọn ìyá ìjọ wa ní Torino, ní Italy. Tí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹ sì rí i pé gbogbo ìwọ̀n inú rẹ̀ bára mu, ẹ má tíì yìn mí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ẹrù ni mò ń tò ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú. Ìwé mi ò pọ̀. Ó ku ọdún kan kí n jáde ilé-ìwé gíga ni mo fi í sílẹ̀, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tiwa, ẹnikẹ́ni tó bá ti lè gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri lọ́jọ́ Sunday, ọ̀mọ̀wé ni. Èmi ni mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, tí mò ń tẹ orin kan kúrò kí òmíràn tó dé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìyá pinnu pé àwọn fẹ́ ṣe ìwé, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo wọn kàn yíjú sẹ́yìn wò mí ni.

Ìyàwó pásítọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

"Àwọn ọmọ wa ti ń lọ," Mọ́mì wí. "Mo pe ọmọ mi kó wá wo bí mo ṣe ń ro ẹ̀fọ́. Ó ní, 'Mamma, mandami il video.' Kí n fi fídíò ránṣẹ́ sóun! Ṣé fídíò ni ìyá mi fi kọ́ èmi?"

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni àǹtí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù irun lẹ́bàá ọjà. Ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ó béèrè pé, "Ẹ ò wá fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i, Mọ́mì?"

"Mo fi ránṣẹ́."

"Ó wò ó?"

"Kò wò ó."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn pé ọmọ tí kò wo fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta yóò ka ìwé olójú-ewé ọgọ́rin. Apá òsì yóò jẹ́ Yorùbá, apá ọ̀tún yóò jẹ́ Italian, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Èmi náà ṣe àmín. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ oúnjẹ wọn sí mi lórí fóònù. Ìyá kan fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ránṣẹ́ lórí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ìṣẹ́jú méje nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí bí Ọlọ́run ṣe fún un ní ìwé ìgbélùú. Òmíràn ní, "Gbé e kaná, tó bá ti jinná, sọ̀ ọ́." Ó tán. Mo pè é padà.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iyọ̀ ńkọ́ mà?"

"Iyọ̀ ìwọ̀nba."

"Ìwọ̀nba yẹn, ó tó mélòó mà?"

"O ò mọ ìwọ̀nba? Ta ló tọ́ ẹ gan-an?"

Ti ìwọ̀nba ṣì sàn. Ife ló fẹ́ pa mí. Gbogbo wọn ló ń fi ife wọn nǹkan, "ife ìrẹsì mẹ́ta", "ife ẹ̀wà méjì", wọ́n sì búra pé ife kan náà ni gbogbo ayé ń lò. Mo ní kí wọ́n gbé ife wọn wá lọ́jọ́ Sunday. Èmi mú bilancia mi wá, ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà, mo tò ó sórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń pín ìpápánu àlejò. Ife dé lóríṣiríṣi: agolo mílíìkì tí wọ́n gbé láti ilé wá, ike yógọ́ọ̀tì, ife kọfí ńlá tí àwòrán ọmọ-ọmọ wà lára rẹ̀, ife pépà tí ẹ̀rọ kọfí ibi iṣẹ́ ń pọ̀ síta. Mo rọ ìrẹsì kún ìkọ̀ọ̀kan, mo ge orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, mo wọ̀n ọ́n. Èyí tó kéré jù kò tó ìdajì èyí tó tóbi jù.

Mo rò pé ojú á là wọ́n. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wo ti ẹnì kejì bíi pé onítọ̀hún ti ń rẹ́ wọn jẹ láti ọjọ́ yìí.

"Abájọ tí jọlọ́ọ̀fù rẹ fi máa ń kún ìkòkò," akọ̀wé sọ fún oní-ife-kọfí. "Báàfù lo fi ń wọn ìrẹsì."

"Ìwọ tó ń fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ rẹ fi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Mọ́mì ní ká dìbò yan ife kan. Mo ní mà, ẹ jọ̀ọ́, ife ò níí wọ inú ìwé yìí rárá. Gíráàmù ni gbogbo ohun gbígbẹ, mìlílítà ni gbogbo ohun olómi, ṣíbí kékeré fún iyọ̀ àti ata gbígbẹ, kí iye gíráàmù rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá wà ní Vicenza, tí kò ní agolo mílíìkì, á ṣáà ní ìwọ̀n.

"Òyìnbó ló máa wá wọn ẹ̀wà ìyá mi fún mi?" akọ̀wé béèrè.

"Rárá o, àǹtí. Ìwọ̀n ló máa wọ̀n ọ́n."

Wọ́n gbà, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ife ẹlòmíràn borí tòun.

Mo wá ní ojú ewé kan tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo wọn. Lókè pátápátá ni iye èèyàn tí oúnjẹ náà yóò bọ́ àti iye wákàtí tí yóò gbà, títí kan rírẹ, nítorí ìyá kan ti fi rírẹ ẹ̀wà sí ìgbésẹ̀ kẹfà, lẹ́yìn tó ti ní ká gbé ìkòkò kaná. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èlò, kí wọ́n tẹ̀léra bí a ó ṣe lò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìgbésẹ̀, ìgbésẹ̀ kan fún iṣẹ́ kan, pẹ̀lú nọ́ńbà. Nísàlẹ̀ ojú ewé, mo fi àmì kékeré kan bí ìkòkò síbẹ̀, mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: A ti dán an wò. Òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé ẹni tó bá ni oúnjẹ kò gbọdọ̀ dán tirẹ̀ wò. Ẹlòmíràn ni yóò gbé ojú ewé náà síwájú, yóò sì sè é bí ẹni tí kò rí i rí, láìbéèrè ohunkóhun.

Òfin náà dára. Ẹni tí yóò pa á mọ́ ni kò sí. Kò sí ìyá tó gbà láti se ọbẹ̀ ìyá mìíràn láìtún un ṣe. Mo fún akọ̀wé ní ẹ̀fọ́ rírò ti Mọ́mì pé kó dán an wò. Ó padà wá ní òun ti fi irú kún un, òun ti yọ ẹran kúrò, òun sì ti dín epo kù. "Ó dùn gan-an," ó wí. "O lè sọ fún Mọ́mì pé mo bá a ṣe é."

Bó ṣe di pé èmi ni mò ń dán gbogbo rẹ̀ wò nìyẹn, ní kíṣìnnì tí èmi àti ọkùnrin méjì jọ ń lò. Mò ń ti turno ibi iṣẹ́ dé, mò ń gbé ìwọ̀n kalẹ̀. Àwọn alájọgbé mi kò dáná fún oṣù méjì. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi rojọ́ pé ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìwé náà ti ń fún òun ní ẹ̀fọ́, ṣé àwọn ìyá ò mọ ẹran ni. Oúnjẹ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé. Mo dán méjìdínlọ́gbọ̀n wò lóòótọ́. Ó ku mẹ́fà.

Mọ́ínmọ́ín Màmá wà nínú mẹ́fà yẹn.

Màmá ni ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Badante ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó arúgbó kan tó ń tọ́jú, Thursday lẹ́yìn ọ̀sán àti ọjọ́ Sunday nìkan ló sì ní fún ara rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Padova ni ọmọ náà dàgbà sí, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, nítorí ẹni tó ń gbé nílé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún kò lè gbé ọmọ dání. Ó ti di òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn báyìí, ó ti gba ilé tirẹ̀. Ó ń pe ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń kí ara wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Thursday tí Màmá wá sí kíṣìnnì mi, ó bọ́ kóòtù rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, èmi ò bìkítà fún èyí tó kù nínú ìwé yẹn o. Ọmọ mi ló ní òun fẹ́ se mọ́ínmọ́ín mi. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mi ò rí àyè kọ́ ọ rí. Òun náà kò jẹ́ kí n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ní tó bá ti wà nínú ìwé, òun á sè é. Torí náà, kọ ọ́ kó dáa."

"Ó máa dáa mà."

Ó sì sè é, èmi ń wọ̀n. Màmá kì í fi ṣíbí bu iyọ̀, ìka mẹ́ta ló ń fi bù ú. Mo gbé abọ́ iyọ̀ sórí ìwọ̀n kó tó bù ú, mo wo nọ́ńbà, mo tún wò ó lẹ́yìn tó bù ú tán, mo yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Gíráàmù mẹ́wàá. Bákan náà ni mo ṣe fún omi gbígbóná tó ń bù sí ẹ̀wà lílọ̀ náà. Ó bu ọgọ́rùn-ún mìlílítà, ó rò ó, ó tún bù ú, ó rò ó, ó tún bù ú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹrin: fi iyọ̀ sí i, gíráàmù mẹ́wàá, kí o rò ó pọ̀. Ìgbésẹ̀ karùn-ún: da ọgọ́rùn-ún mìlílítà omi gbígbóná sí i, kí o rò ó sí apá kan ṣoṣo. Ìgbésẹ̀ kẹfà: tún ìgbésẹ̀ karùn-ún ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Mo rò pé mo gbọ́n bí mo ṣe kọ ìkẹfà yẹn. Ó kúrú, ó sì mọ́.

Nígbà tó ku oṣù kan kí a gbé ìwé lọ sí ibi ìtẹ̀wé, Mọ́mì ní kí n gbé gbogbo ojú ewé sára ògiri kí ìgbìmọ̀ rí i. Mo gbé e síbẹ̀. Wọ́n wò ó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mọ́mì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa," ó wí. "Ṣùgbọ́n níbo ni Ọlọ́run wà nínú ìwé yìí?"

Mo fi ojú ewé kìíní hàn án, níbi tí àdúrà Pásítọ̀ wà, olójú-ewé mẹ́ta, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ nínú kóòtù.

"Mo rí ìyẹn. Ọmọ tó bá ṣí ìwé sí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ṣé á ṣí i padà sí àdúrà? Gbogbo oúnjẹ ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kìíní: Gbàdúrà."

Akọ̀wé gbórí sókè. "Gbogbo oúnjẹ, Mọ́mì? Títí kan omi ata?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ata kì í pààyàn?"

"Àti dòdò? Kéèyàn kúnlẹ̀ nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

"Kò ní kéèyàn kúnlẹ̀. Ẹni tó bá wù ú, kó dúró."

Wọ́n jiyàn lórí kíkúnlẹ̀ àti dídúró fún bí ìdajì wákàtí. Ó rẹ̀ mí, turno tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti dé. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ìgbésẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi àdúrà sí, torí ẹni tó ń sè é kò níí mọ bó ṣe yẹ kí àdúrà náà gùn tó. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, mo máa fi sí i."

Mo fi sí i. Kọ̀ǹpútà ló ń ka nọ́ńbà fúnra rẹ̀: bí mo ṣe tẹ Gbàdúrà sókè, ìkíní di ìkejì, ìkejì di ìkẹta, gbogbo rẹ̀ ń sún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó wú mi lórí. Mo pe alájọgbé mi wá wò ó. Lẹ́yìn náà mo mú àmì ìkòkò tó ní A ti dán an wò, mo fi sí gbogbo ojú ewé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí kan mẹ́fà tí mi ò tíì sè. Mo sọ fún ara mi pé èèyàn tó ti fi ìwọ̀n ara rẹ̀ wọ̀n wọ́n, ó kéré tán, ó ti dán ìdajì wò. Kò sí ìdajì nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn pàápàá.

Màmá kò lè dúró de ìwé. Ó ní kí n fi ojú ewé òun nìkan ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ òun. Mo fi ránṣẹ́.

Wọ́n dá ọjọ́ Saturday kan. Màmá gba ìsinmi, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova. Ọmọ rẹ̀ pe ọ̀rẹ́ méjì láti ibi iṣẹ́. Màmá fúnra rẹ̀ ló padà ròyìn rẹ̀ fún mi ní Thursday tó tẹ̀ lé e, lórí àga kan náà tó ti jókòó nígbà tí mò ń wọ̀n.

"Ó ní kí n jókòó. Ó ní, 'Mamma, tu non fai niente, faccio io.' Kí n má ṣe nǹkan kan, òun á ṣe é. Inú mi dùn. Mo jókòó. Ó gbé fóònù síwájú, ó ń kà á bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Ó gbàdúrà, ní Italian. Ó lọ ẹ̀wà. Ó fi iyọ̀ sí i. Ó bu omi gbígbóná sí i. Ó tún fi iyọ̀ sí i."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, ṣé kì í ṣe pé o ti fi sí i? Ó ní, 'È scritto così.' Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó tún fi sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wá rò ó pé ìwọ lo wọ̀n ọ́n, níṣojú mi. Ìwé ní wọ́n ti dán an wò. Mo ní, ó ní láti jẹ́ pé bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, èmi ni mo gbàgbé."

"Ó wá rí báwo mà?"

"Ó le. Èèyàn lè fi lé ajá. Iyọ̀ rẹ̀, bíi kéèyàn mu omi òkun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu omi, wọ́n ní ó dára, ó dára. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó da èyí tó kù nù, ó ní, 'Lascia stare, Mamma.' Ó ní ká fi í sílẹ̀." Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, yọ tèmi kúrò nínú ìwé yẹn. Mi ò fẹ́ kó dójú ti àwọn yòókù. Orí mi ló ti ń lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ ni o ṣe kọ ọ́."

Mo ti ṣí ojú ewé náà nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó wà níbẹ̀ gbangba. Gbàdúrà ni ìkíní. Iyọ̀, tó jẹ́ ìkẹrin, ti di ìkarùn-ún. Omi gbígbóná, tó jẹ́ ìkarùn-ún, ti di ìkẹfà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fi ọwọ́ mi tẹ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé nọ́ńbà ìgbésẹ̀ ni, kò yí i padà. Ìkeje ṣì ń sọ pé: tún ìgbésẹ̀ karùn-ún ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ọmọ náà ṣe ohun tí ìwé ní kó ṣe gẹ́lẹ́. Ó fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi omi sí i lẹ́ẹ̀kan. Ká ní mo ti gbé ojú ewé yẹn síwájú tí mo sè é lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ mi ì bá ti bá a.

Ohun tí mo yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi. Èyí tó jáde ni pé, "Màmá, bóyá iyọ̀ Padova ló yàtọ̀ sí tibí."

Ẹ gbọ́ mi o. Iyọ̀ Padova.

Màmá mirí. "Rárá. Iyọ̀ niyọ̀." Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú, ó sì lọ gbé bàbá òyìnbó rẹ̀ sùn.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mi ò sọ nǹkan kan. Mo tún nọ́ńbà inú ọ̀rọ̀ ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ojú ewé mọ́kànlá ló bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀kan, ìwé ní kí wọ́n fọ ẹran tó ti jinná. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá ti tún un ṣe, a jẹ́ pé ó ti tán, tí Màmá bá sì yọ tirẹ̀ kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mi ò lè parọ́ fún yín, bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọjọ́ Sunday kejì, lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ tún jókòó. Mọ́mì dìde, ó fọwọ́ lé èjìká Màmá.

"A fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ pé a ó yọ mọ́ínmọ́ín kúrò nínú ìwé. Kì í ṣe nǹkan ìtìjú. Màmá ti ń dàgbà, ọ̀tá sì fẹ́ fọwọ́ kan iyè wọn. Ṣùgbọ́n a ò níí gbà fún un. Ẹ jẹ́ ká dìde. Ẹ na ọwọ́ yín sí Màmá."

Wọ́n dìde. Wọ́n na ọwọ́. Màmá bọ́ gèlè rẹ̀ láàárín wọn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fá lórí, ó tẹ orí rẹ̀ ba. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀: "Gbogbo ẹ̀mí ìgbàgbé!" Àwọn yòókù ní "Jáde!" "Gbogbo ohun tó ń jẹ iyè ìyá yìí!" "Jáde!" Akọ̀wé pàápàá ń pariwo. Wọ́n ní kí n gbé orin kan sára ògiri tó bá àdúrà náà mu. Ọwọ́ mi wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo ń wo ìyá arúgbó kan tí èèyàn méjìlá ń lé nǹkan jáde lára rẹ̀, nǹkan náà sì jókòó lẹ́yìn níbi kọ̀ǹpútà.

Mo pa iná ògiri. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo gba makirofóònù. "Ẹ jọ̀ọ́! Kò sí nǹkan tó ṣe iyè Màmá. Èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ bí nọ́ńbà ṣe sún, bí iyọ̀ ṣe di ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú ewé mọ́kànlá, mẹ́fà tí mi ò dán wò tí mo fi àmì sí, àti iyọ̀ Padova. Nígbà tí mo dé iyọ̀ Padova, akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mọ́mì ní, "Dúró ná. Ohun tí ò ń sọ ni pé àdúrà ló ba oúnjẹ jẹ́?"

"Rárá mà. Èmi ni mo bà á jẹ́. Àdúrà kàn gba nọ́ńbà ẹlòmíràn ni."

"Mọ́mì," akọ̀wé wí, "ẹ jẹ́ kó wà lókè ojú ewé, níbi tí wọ́n kọ rírẹ ẹ̀wà sí. Kéèyàn máa gbàdúrà nígbà tí ẹ̀wà ń rẹ. Kó má ní nọ́ńbà." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà, òpùrọ́ kọ̀ǹpútà. O fi àmì sí ẹ̀bà tèmi náà, àbí?"

"Mo dán ti ẹ̀bà wò, àǹtí."

"Dúpẹ́."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wé gèlè rẹ̀ padà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yára. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò mí, kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù.

"Ó ju ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń bẹ̀rù orí ara mi," ó wí. "Mo ń fún bàbá yẹn lóògùn, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, màá tún padà lọ wo ohun tí mo kọ. Mo ń jí wo gáàsì. Mo ti ń rò ó pé kí n sọ fún àwọn ọmọ wọn kí wọ́n wá ẹlòmíràn kí n tó pa bàbá wọn." Ó so gèlè náà. "O jókòó sínú ilé rẹ, o ń wò mí."

Ó fọwọ́ kan èjìká mi.

"Dìde. Èmi kọ́ ló ku kí o sọ fún. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún ọmọ mi."

Wọ́n sún ọjọ́ ìtẹ̀wé síwájú. Àwọn ìyá pín ìyókù láàárín ara wọn láti dán wò, lọ́tẹ̀ yìí akọ̀wé jókòó ti ẹnìkọ̀ọ̀kan bí ọlọ́pàá kó má baà fi irú kún un. Èmi tún gbogbo ibi tí mo ti kọ "tún ìgbésẹ̀ báyìí ṣe" kọ. Mo kọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ síbẹ̀: da ọgọ́rùn-ún mìlílítà omi gbígbóná mìíràn sí i, kí o rò ó, ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wo ló bá wù kó sún, omi á jẹ́ omi.

Èmi àti Màmá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova ní àárọ̀ Sunday. Ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, aṣọ ilé ló wọ̀, ojú rẹ̀ kò sì fi hàn pé ó ń retí mọ́ínmọ́ín. Mo sọ ọ́ fún un nígbà tí mi ò tíì bọ́ bàtà. Mo sọ ọ́ ní Italian tí kò gún, kó má baà ní òun ò gbọ́.

Ó wo ìyá rẹ̀. "Quindi non eri tu?" Ṣé ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹ̀yin?

"Mo rí i nígbà tí o ń fi iyọ̀ sí i," Màmá wí. "Mi ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìwé mọ̀ jù mí lọ."

Ọmọ náà yíjú sí mi. "Dammi la pagina." Kí n mú ojú ewé wá.

Mo fún un ní ti tuntun, lórí ìwé gan-an. Mo jókòó lórí ọwọ́ mi, nítorí òfin ni òfin. Ó kà á, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ó dé ibi tí a ti ní kó bó èèpo ẹ̀wà, ó dúró, ó béèrè ìgbà wo lèèyàn ń mọ̀ pé ó tó. Mi ò dáhùn. Màmá náà ń wo òrùlé. Ó kùn, ó bó gbogbo rẹ̀ títí kò fi ku ẹyọ kan, ó sì gbà á ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: tí díẹ̀ bá kù, kò léwu.

Ó sè é tán. Ó dúró dáadáa, ó rọ̀, ó sì ń tàn. Ó gé e, ó gbé àwo kìíní fún ìyá rẹ̀. Màmá jẹ ẹ́, ó tún jẹ ẹ́, ó ń fi ahọ́n wá nǹkan.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ó wí.

Mo nawọ́ sí ojú ewé náà. "Màmá, gíráàmù mẹ́wàá ni. Mo wọ̀n ọ́n níṣojú yín."

"O wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo rí i tí o tẹjú mọ́ ọwọ́ mi bí ọlọ́pàá bọ́dà, ẹ̀rù bà mí, mo bu díẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó mú un jókòó sílẹ̀. Ó gbé abọ́ iyọ̀ rẹ̀ wá, ó gbé e lé orí ìwọ̀n, ó ní, "Mamma, prendi. Senza paura." Bù ú, láìbẹ̀rù.

Màmá fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀. Ọmọ rẹ̀ wo nọ́ńbà: mẹ́tàlá. Ó ní kó tún bù ú. Mẹ́tàlá. Lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́rìnlá, Màmá sì ní ìkẹta yẹn kò kà, ọmọ òun ló fọwọ́ gbá òun. Wọ́n ń jà lórí rẹ̀, ìyá ní Yorùbá, ọmọ ní Italian, wọn ò rántí mi mọ́. Mo fa mẹ́wàá tí mo kọ já, mo kọ mẹ́tàlá.

"Torí náà a ò tíì dán an wò," ọmọ náà wí fún mi. Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó le lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀. Ó ti ń tú ìyókù ẹ̀wà rírẹ sínú abọ́.

Mo wo aago. Ọkọ̀ wa yóò lọ láìpẹ́, mo wọ kóòtù mi. Màmá ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti fa àga sún mọ́ abọ́ náà, ó ń fi èèpo ẹ̀wà kan han ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń yọ láàárín ìka méjì. Mo bọ́ kóòtù mi padà.